Ìwé ìdójútòfò ilé: ẹ ti ẹ̀yìn kà á kẹ́ ẹ tó sanwó

Lọ́dún 2023, Àǹtí mi kan tó ń gbé ní Surulere, lápá Òjúẹ̀lẹ́gbà, lọ sí London láti lọ bá ọmọ wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tọ́jú ìkókó. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ lò níbẹ̀. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n ti gbogbo ilẹ̀kùn pa, wọ́n fún ọmọ aládùúgbò kan ní kọ́kọ́rọ́ géètì pé kó máa wá gbá àgbàlá lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n sì wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ pẹ̀lú ọkàn balẹ̀. Ohun tó fọkàn wọn balẹ̀ ni pé wọ́n ti ra ìdójútòfò fún ẹrù ilé wọn. Ọdún kẹrin tí wọ́n ti ń sanwó ẹ̀ nìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ keje tí wọ́n ti lọ ni àwọn fọ́léfọ́lé gé irin ojú fèrèsé ẹ̀yìn. Wọ́n kó tẹlifíṣàn, jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ méjì àti àpótí kékeré tí góòlù Àǹtí wà nínú ẹ̀. Nígbà tí Àǹtí dé, wọ́n lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n gba ìwé, wọ́n kọ̀wé sí iléeṣẹ́ adójútòfò náà, wọ́n sì ń retí owó. Lẹ́tà tó padà wá kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Iléeṣẹ́ náà ní àwọn kẹ́dùn pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n kò sí owó kankan tí àwọn máa san, nítorí pé ilé náà ti wà láìsí ẹni tó ń gbé inú ẹ̀ fún ohun tó ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ kí olè tó wọ ibẹ̀.

Ìgbà yẹn ni wọ́n pè mí pé kí n wá bá àwọn ka ìwé ọ̀hún. Ojú ewé mẹ́rìndínlógún ni. Ojú ewé àkọ́kọ́ nìkan ni Àǹtí ti kà láti ọdún mẹ́rin, ìyẹn èyí tí wọ́n kọ orúkọ wọn, àdírẹ́sì ilé wọn àti mílíọ̀nù mẹ́rin náírà sí. Ọ̀rọ̀ ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn wà lójú ewé kẹsàn-án, lábẹ́ àkòrí tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ olè, ìlà méjì péré ni. Iléeṣẹ́ náà ò purọ́, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí jù. Ká ní irọ́ ni wọ́n pa ni, à bá mọ bí a ṣe máa bá wọn fà á.

Nítorí náà, lọ́sẹ̀ yìí, ìwé yẹn la fẹ́ jọ kà. Kì í ṣe ti Àǹtí mi nìkan ló rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń to ìwé ìdójútòfò ẹrù ilé jọra wọn káàkiri, torí pé láti ọwọ́ àwọn òyìnbó la ti jogún ẹ̀, bí iléeṣẹ́ kan bá sì yí ọ̀rọ̀ díẹ̀ padà, egungun ẹ̀ ò yí padà.

Ojú ewé iwájú yẹn ni wọ́n ń pè ní ṣẹ́dúù. Òun ló máa ń sọ ẹni tí wọ́n bá dá májẹ̀mu, ilé wo ni, láti ọjọ́ wo sí ọjọ́ wo, iye tí wọ́n dójú ẹ̀, iye tí ẹ máa san, àti iye tí ẹ máa kọ́kọ́ fara mọ́ fúnra yín bí àdánù bá wáyé. Ó dùn ún kà, torí pé orúkọ ẹni àti owó ńlá ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìsàlẹ̀ ẹ̀ dáadáa. Ẹ máa rí àwọn nọ́ńbà tàbí lẹ́tà kéékèèké kan, bíi kí wọ́n kọ ọ́ pé àlàyé kẹta, ìkeje àti ìkọkànlá ló kan ìwé yìí. Àwọn nọ́ńbà yẹn ni kọ́kọ́rọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń tọ́ka sí ibì kan nínú ìwé ńlá tó wà lẹ́yìn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń fi ọwọ́ òsì gba díẹ̀ lára ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún fúnni lójú ewé iwájú.

Wàhálà tó wà ńbẹ̀ ni pé, bí a ṣe ń ṣe é nílùú wa, ẹ̀yìn tí èèyàn bá ti sanwó tán ni ìwé ńlá yẹn máa ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Fọ́ọ̀mù ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gbé wá, ẹ ó kọ ọ́, ẹ ó sanwó, lẹ́yìn náà ni ìwé á máa bọ̀. Ẹ má gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ fún ẹ̀jẹ́ǹtì pé kó mú ẹ̀dà ìwé náà tí wọn ò tí ì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí wá, kẹ́ ẹ lọ kà á fún ọjọ́ méjì mẹ́ta. Gbogbo iléeṣẹ́ ló ní in. Ẹ̀jẹ́ǹtì tó bá ní kò sí, tàbí tó ń sọ pé kò pọn dandan, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Bí ojú yín ò bá ríran mọ́, ẹ fún ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ tó mọ̀wé kó kà á sókè fún yín, kó máa túmọ̀ ẹ̀ bó ṣe ń lọ.

Bẹ́ ẹ bá ti gbà á, ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ohun tí iléeṣẹ́ ò ní í sanwó lé lórí, ibi méjì ni wọ́n máa ń pín in sí. Èkíní wà lápapọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀yìn ìwé: ogun, ìtànṣán átọ́míìkì, ohun tí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ bà jẹ́, ohun tó gbó fúnra ẹ̀ tàbí tí kòkòrò jẹ. Ìyẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ pa èèyàn lára. Èkejì ló léwu, torí pé wọ́n tú u ká sábẹ́ ewu kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á kọ "olè" gàdàgbà, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ni wọ́n á wá kọ ọ́ sí pé àfi bí báyìí tàbí báyìí bá ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ gàdàgbà nìkan ti kà á ní ìdajì.

Ẹ jẹ́ ká mú ti olè yìí, torí pé òun ló ń bá ilé wa jà jù. Ìwé ò fi bẹ́ẹ̀ gba pé gbogbo ohun tó bá sọnù ni olè jí. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń sọ ni pé olè gbọ́dọ̀ fi tipátipá wọlé tàbí kó fi tipátipá jáde, kí ẹ̀rí ẹ̀ sì hàn. Bí wọ́n bá já àgádágodo, bí wọ́n bá gé irin, bí wọ́n bá fọ́ gíláàsì, tipátipá nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀kùn bá wà ní ṣíṣí tí ẹnì kan sì rọra wọlé gbé fóònù àti láàpútọ̀ọ̀pù, tàbí tí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ bá lò ó, kò sí ẹ̀rí tipátipá níbẹ̀. Bákan náà ni wọ́n sábà máa ń yọ ohun tí ará ilé tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ bá jí kúrò. Ní ilé alájọgbé, irú èyí tó pọ̀ ní Mushin àti Yaba, tí ilé ìdáná àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ayálégbé, ìlà yìí ṣe pàtàkì gan-an, torí pé ohun tẹ́ ẹ bá gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lè má sí nínú "ilé" tí ìwé ń sọ rárá. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ bi wọ́n léèrè bóyá yàrá yín nìkan ni tàbí gbogbo ilé.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ọgbọ̀n ọjọ́ tó mú Àǹtí mi. Ọ̀pọ̀ ìwé ló ń sọ ọ́ pé bí ilé bá wà láìsí ẹni tó ń gbé inú ẹ̀ ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ, ọ̀rọ̀ olè kò sí níbẹ̀ mọ́ títí wọ́n á fi padà dé. Ẹ fara balẹ̀ wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ọgbọ̀n ọjọ́ tó tẹ̀ léra, ẹni tó rìnrìn àjò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kò tíì ré e kọjá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ọgbọ̀n ọjọ́ lápapọ̀ láàárín ọdún, ẹni yẹn ti ré e kọjá láìmọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Kí "gbé" túmọ̀ sí? Ohun tí wọ́n sábà ń wò ni pé ẹnì kan ń sùn níbẹ̀. Ọmọ tó ń wá gbálẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé ò gbé ibẹ̀. Mègádì tó ń sùn lẹ́nu géètì ńkọ́? Ibẹ̀ ni wọ́n ti lè bá yín jiyàn, torí náà ẹ béèrè, kẹ́ ẹ sì gba èsì ẹ̀ lákọsílẹ̀.

Àwọn àgbàlagbà tó ń ka ojú ewé yìí ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Àwọn ló ń lọ tọ́jú ìkókó nílẹ̀ òkèèrè, àwọn ló ń lọ sí Mẹ́kà, àwọn ló ń lọ lo oṣù méjì nílé tí wọ́n kọ́ sí Ìjẹ̀bú tàbí Òṣogbo. Ìwòsàn ẹ̀ ò sì le. Ẹ kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lọ àti ọjọ́ tẹ́ ẹ máa dé, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ olè máa wà níbẹ̀ títí ẹ ó fi dé. Nígbà mìíràn wọ́n á ní kẹ́ ẹ fi owó díẹ̀ kún un, nígbà mìíràn wọ́n á ní kí ẹnì kan máa sùn níbẹ̀. Bí wọ́n bá gbà, ojú ewé kan ni wọ́n máa fi ránṣẹ́ láti lẹ̀ mọ́ ìwé yín, tó máa ní nọ́ńbà ìwé náà lórí àti ìbuwọ́lù iléeṣẹ́. Bí ojú ewé yẹn ò bá tíì dé, ẹ máa wò ó pé wọn ò tíì gbà. Ọ̀rọ̀ orí fóònù pẹ̀lú ẹ̀jẹ́ǹtì ò tó.

Bákan náà ni iná. Èèyàn á rò pé bí wọ́n bá ti kọ "iná" sí ìwé, gbogbo àjálù ilé ti wà níbẹ̀. Rárá o. Ìwé iná lásán ò fi bẹ́ẹ̀ ju iná fúnra ẹ̀, mànàmáná, àti gáàsì ìdáná ilé tó bá bú gbàù lọ. Ìjì tó ká òrùlé, àgbàrá tó ya wọlé, páìpù tó bẹ́, ọkọ̀ tó kọlu fẹ́ńsì, àti rògbòdìyàn ìgboro, àwọn ewu àfikún ni gbogbo ìyẹn, owó ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ń gbà lé wọn lórí. Bí wọn ò bá dárúkọ wọn sínú ṣẹ́dúù yín, ẹ ò rà wọ́n. Ẹ rántí October 2020, lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Lekki, tí wọ́n dáná sun ibùdókọ̀ BRT ní Oyingbo, tí àwọn jàǹdùkú sì ń fọ́ ṣọ́ọ̀bù káàkiri Èkó. Iná ló jó, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n rògbòdìyàn ló bí iná náà, ìwé iná lásán sì ti yọ iná tí rògbòdìyàn bá dá sílẹ̀ kúrò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó fa àjálù ni ìwé ń wò. Fún àwa tó ń gbé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ nítòsí kánáàlì, bíi ti Itire sí Surulere, omíyalé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá nínú ṣẹ́dúù kẹ́ ẹ tó wá iná. Iléeṣẹ́ mìíràn ò sì ní í gbà láti fi kún un fún àdúgbò tí omi ti ń yọ lẹ́nu. Ó sàn kẹ́ ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ nísinsìnyí, kẹ́ ẹ fowó yẹn gbé ẹrù yín sókè.

Ó wá ku ibi tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú jù, èmi náà ò tètè lóye ẹ̀. Òun ni wọ́n ń pè ní áfẹ́réèjì, abẹ́ àwọn àdéhùn ni wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sí. Ẹ jẹ́ ká fi ti Àǹtí mi ṣe àpẹẹrẹ, ká gbà pé iná ló jó ilé ìdáná wọn dípò olè. Mílíọ̀nù mẹ́rin náírà ni wọ́n dójú ẹrù ilé wọn, iye tí wọ́n sọ lọ́dún 2019 nìyẹn, wọn ò sì yí i padà. Ẹ wo bí ọjà ṣe gbówó lórí láti ìgbà yẹn. Ká ní bí èèyàn bá fẹ́ ra gbogbo ẹrù ilé náà báyìí, mílíọ̀nù mẹ́jọ ló máa ná an. Iná wá jó ohun tó tó mílíọ̀nù méjì. Àǹtí á ní, ṣebí mílíọ̀nù mẹ́rin ni mo dójú ẹ̀, méjì ló jóná, ẹ fún mi ní méjì mi.

Iléeṣẹ́ ò ní í kà á bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní ẹrù mílíọ̀nù mẹ́jọ lẹ ní, mílíọ̀nù mẹ́rin lẹ sanwó lé lórí, ìyẹn ni pé ìdajì ẹrù yín lẹ fi sọ́wọ́ wa, ìdajì tó kù wà lọ́wọ́ ẹ̀yin fúnra yín. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá bàjẹ́, ìdajì ẹ̀ la máa san. Mílíọ̀nù méjì di mílíọ̀nù kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á yọ owó tó wà nínú ṣẹ́dúù pé Àǹtí máa kọ́kọ́ fara mọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní ẹ́ksẹ́ẹ̀sì. Bó bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà, ohun tó máa dé ọwọ́ Àǹtí ni ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta dín lẹ́gbẹ̀rún náírà, ìyẹn ₦950,000. Ẹni tó ń retí ₦2,000,000 nìyẹn.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe ni kẹ́ ẹ máa lọ láti yàrá dé yàrá lọ́dọọdún, kó tó di pé ẹ tún un san, kẹ́ ẹ kọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ àti iye ẹ̀. Ṣùgbọ́n iye wo? Ẹ kọ́kọ́ wo bí ìwé ṣe máa sanwó. Bó bá jẹ́ pé tuntun ni wọ́n máa fi rọ́pò ògbólógbòó, iye tí wọ́n ń ta tuntun lọ́jà báyìí ni kẹ́ ẹ kọ. Bó bá jẹ́ pé wọ́n máa yọ owó gbígbó kúrò, iye tí tẹlifíṣàn ọlọ́dún mẹ́fà yín tó ní bó ṣe wà yẹn ni kẹ́ ẹ kọ, ẹ má sì retí pé owó yẹn máa ra òmíràn tuntun. Àwọn èèyàn máa ń dín iye kù kí owó ọdọọdún lè kéré. Owó tẹ́ ẹ dín kù yẹn kò tó nǹkan rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó máa gbà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ tí àdánù bá dé.

Ti góòlù tún yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ẹrù ilé ló ní gbèdéke fún ohun ẹ̀ṣọ́: góòlù, fàdákà àti irú wọn lápapọ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta iye tí wọ́n dójú ẹ̀ lọ. Bákan náà ni wọ́n sábà máa ń sọ pé ohun kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ, àyàfi bí ẹ bá kọ orúkọ àti iye ẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀. Nínú mílíọ̀nù mẹ́rin, ₦200,000 nìyẹn. Ẹ̀gbà ọrùn kan ṣoṣo tí Àǹtí fi ṣe ìgbéyàwó ọmọ wọn ju ìyẹn lọ fíìfíì. Ẹni tó bá ní ẹ̀gbà ọrùn tàbí iyùn tó lówó lórí, kó mú wọn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ iye wọn, kó gba ìwé ẹ̀rí, kó ya fọ́tò wọn, kó sì ní kí wọ́n kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ṣẹ́dúù. Owó tó wà nílé ńkọ́? Wọn ò fi bẹ́ẹ̀ gbà á, tàbí kí wọ́n gba díẹ̀ péré. Ìyá aláàjọ tó ń kó owó ẹgbẹ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò sí ìdójútòfò ẹrù ilé tó ń sọ̀rọ̀ yín. Ìwé ilẹ̀ àti ìwé ilé pẹ̀lú máa ń wà lára ohun tí wọ́n yọ kúrò.

Ó tún ku ẹ̀rọ ìránṣọ méjì tí olè kó. Owó ni Àǹtí fi ń rán aṣọ fún àwọn ará àdúgbò. Bí ìwé wọn ṣe sọ ọ́, ohun èlò òwò kì í ṣe ẹrù ilé. Ká ní ọ̀rọ̀ ọgbọ̀n ọjọ́ ò tiẹ̀ sí níbẹ̀, ẹ̀rọ méjèèjì yẹn ò ní í sí lára ohun tí wọ́n máa san. Ẹni tó bá ń ta ọjà nínú ilé, tó ń se oúnjẹ fún ayẹyẹ, tàbí tó ní fíríjà tó fi ń ta ẹja tútù, kó sọ ọ́ kí wọ́n tó kọ ìwé. Àdéhùn mìíràn sì wà tó ń sọ pé bí ewu ilé bá pọ̀ sí i lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti rà á, kẹ́ ẹ wá sọ. Kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù jẹnẹrétọ̀ lábẹ́ àtẹ̀gùn wà lára irú ewu bẹ́ẹ̀.

Èyí gbé wa dé orí fọ́ọ̀mù, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Àǹtí ti bàjẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè kan wà nínú fọ́ọ̀mù yẹn pé ṣé ilé máa ń wà lófìfo fún ìgbà pípẹ́. Ẹ̀jẹ́ǹtì, tó jẹ́ ọmọ ìjọ wọn, ló bá wọn kọ ọ́. "Rárá" ló kọ. Kò bi wọ́n. Àǹtí buwọ́lù ú lórí tábìlì ìjẹun, wọ́n sì fún ọmọ náà ní mọ́tò. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé Òfin Ìdójútòfò ọdún 2003 pàṣẹ kí wọ́n tẹ ìkìlọ̀ kan sára fọ́ọ̀mù, ní lẹ́tà tó ṣeé kà dáadáa, pé ẹ̀jẹ́ǹtì tó bá bá èèyàn kọ fọ́ọ̀mù, aṣojú ẹni tó fẹ́ ra ìdójútòfò ni wọ́n máa kà á sí lórí kíkọ ọ́. Ìyẹn ni pé bó bá kọ àṣìṣe síbẹ̀, àṣìṣe yín ni. Lọ́dún 2025, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tuntun tó rọ́pò ti 2003, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù yòówù kẹ́ ẹ gbà, ẹ wá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nítòsí ibi ìbuwọ́lù kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ èsì, tàbí kí ọmọ yín kọ ọ́ lójú yín, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò gbogbo ojú ewé kó tó kúrò nílé.

Bẹ́ ẹ bá ń wo ṣẹ́dúù, ẹ tún wo ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ sanwó. Láti January 2013 ni àjọ NAICOM, tó ń mójú tó iṣẹ́ ìdójútòfò ní Nàìjíríà, ti fọwọ́ líle mú un pé bí owó ò bá tíì wọlé, kò sí ìdójútòfò. Owó tẹ́ ẹ fún ẹ̀jẹ́ǹtì lọ́wọ́ láìgba rìsíìtì iléeṣẹ́, àpò ẹ̀jẹ́ǹtì ló ṣì wà.

Ní ti àdéhùn ọjọ́ àdánù, ìwé yín máa sọ iye ọjọ́ tẹ́ ẹ ní láti fi kọ̀wé sí wọn. Ó lè jẹ́ ọjọ́ méje, ó lè jẹ́ mẹ́rìnlá, ó lè jẹ́ ọgbọ̀n. Ẹ kọ ọ́ sí ara ògiri ilé ìdáná. Kí ẹ tó tún fèrèsé ṣe, ẹ ya fọ́tò ẹ̀. Ẹ má sọ àgádágodo tí wọ́n já nù, òun ni ẹ̀rí tipátipá. Àwọn rìsíìtì ẹrù, ẹ má kó wọn pa mọ́ sínú ilé kan náà tó lè jóná, ẹ fún ọmọ yín kan ní ẹ̀dà wọn.

Ní ti Àǹtí mi, a kọ̀wé sí iléeṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì, a tún mú ẹjọ́ náà lọ sọ́dọ̀ NAICOM, tó ní ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹ̀sùn àwọn èèyàn. Bí wọ́n ṣe wo ìwé ni wọ́n rí i pé ohun tí iléeṣẹ́ sọ ló wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Wọ́n ti ra òmíràn lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ọ̀tọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n fi ìwé òfìfo náà sọ́dọ̀ mi fún ọ̀sẹ̀ kan. Mílíọ̀nù mẹ́sàn-án ni wọ́n dójú ẹ̀ báyìí, wọ́n fi rògbòdìyàn àti omíyalé kún un, wọ́n sì kọ ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀ lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun èlò òwò. Nígbà tí wọ́n tún fẹ́ lọ rí ọmọ-ọmọ wọn, lẹ́tà ti lọ sí iléeṣẹ́ lọ́sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, ojú ewé àfikún ti padà wá, ọmọ àbúrò wọn tó ń kàwé ní Yaba sì ń sùn sílé. Góòlù tó kù ni wọn ò tíì gbé lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa díye lé e. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ iye tí àwọn ní.